Kì Í Ṣe Oorun

Nígbà tí Pásítọ̀ sọ fún wa pé Bàbá Títí-Láé ni yóò gba àdúrà ìparí létí ibojì, "Háà!" ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ìyàwó Pásítọ̀ yíjú wò mí. Mo ṣe bí ẹni pé ikọ́ ló gbé mi.

Ẹ má dá mi lẹ́bi o. Àbúrò bàbá mi ni Bàbá Títí-Láé, èèyàn dáadáa sì ni. Kò sí ilé tí wàhálà wọ̀ nínú ìjọ wa tí kì í ṣe òun ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà báyìí, kí Ọlọ́run kó wa yọ ni. Yóò gbàdúrà títí yóò fi dé "títí láé àti láéláé," a ó ṣe àmín, àwọn kan á tiẹ̀ ti máa wá bàtà wọn lábẹ́ àga, àfi kí Bàbá tún mí kanlẹ̀: "Olúwa, a tún rántí..." Bó ṣe di Bàbá Títí-Láé nìyẹn. Ó gbàdúrà lórí oúnjẹ ìgbéyàwó ọmọ mi títí ọbẹ̀ fi dì. Ọkọ ìyàwó alára ti jókòó kí àdúrà tó parí, mi ò sì bá a wí.

Àbúrò mi la fẹ́ lọ sin. Àbúrò tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n. Fíríìjì ló ń tún ṣe, kò sì sí fíríìjì tó máa kú sí i lọ́wọ́ tí kò ní bá a jà dé òpin. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní ó rẹ òun, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó lọ dùbúlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ wọlé lọ fi àwòrán kan tó yà hàn án. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, Lọ́yà la máa ń pè é nítorí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Ìyá rẹ̀ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Fi Dádì sílẹ̀, jàre. Ó ń sùn. Má lọ jí i."

Nígbà tí oúnjẹ alẹ́ délẹ̀, ìyàwó wa wọlé lọ jí ọkọ rẹ̀. Kò jí. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé ọkàn rẹ̀ ló dúró, pé àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ tipẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò pẹ́ tó dùbúlẹ̀ ló ti lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ wá. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ta ló máa dúró níwájú ọmọ kékeré kó ní bàbá rẹ̀ kú? Ọ̀rọ̀ yẹn le jù, a kì í fi sẹ́nu bẹ́ẹ̀. "Ó ti sùn nínú Olúwa." "Dádì yín sùn ni, ó lọ sinmi." Gbogbo ẹni tó bá ti wọlé ló máa fọwọ́ pa Lọ́yà lórí, tí yóò sì sọ ọ́. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé, ó wà lábẹ́ àwòrán àbúrò mi tó ń rẹ́rìn-ín: Ó SÙN.

Láti ìgbà yẹn ni Lọ́yà ò ti sùn mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ máa rò pé àsọdùn ni. Ẹ bi ìyá rẹ̀. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ọmọ yẹn á fi ẹ̀yìn ti ògiri, á jókòó ṣánṣán, á máa kọrin ilé ìwé. Tí orin bá tán, á máa já ara rẹ̀ léèékánná lápá. Tí oorun bá wá gbé e lọ, kò ní pẹ́ rárá, á fò dìde pẹ̀lú igbe, á máa fọwọ́ kan gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ìyá rẹ̀ náà ò sì lè sùn, ta ló máa sùn? Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ojú ìyàwó wa ti wọnú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́. Mo ń wò ó, mo sì ń bẹ̀rù. Mo ní lọ́kàn mi pé tí èyí bá ń bá a lọ báyìí, a ó tún gbé ẹlòmíì lọ sí ọsibítù nínú ilé yìí. Gbogbo wa ṣáà rò pé ìbànújẹ́ ló ń da ọmọ náà láàmú, pé yóò lọ sílẹ̀ tó bá yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé Lọ́yà sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo ń ya irun rẹ̀ lórí àkéte. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó ń fẹ́ iná. Ó ní, "Àǹtí Oníbúrẹ́dì." Gbogbo àwọn ọmọ ẹbí ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, nítorí búrẹ́dì ni mò ń ṣe.

Mo ní, "Kí ló dé, Lọ́yà mi?"

"Tí mo bá sùn, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbé mi sínú àpótí ni, àbí Pásítọ̀?"

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Àpótí kẹ̀? Àpótí wo?"

"Irú ti Dádì. Dádì sùn, ẹ wá gbé e sínú àpótí, ẹ sì fẹ́ lọ fi erùpẹ̀ bò ó. Kí ló dé tí ẹ ò jí i?" Ó yíjú sí mi. "Èmi fẹ́ jí i lọ́jọ́ yẹn. Mọ́mì ló ní kí n má jí i."

Mo gbójú sókè, ìyá rẹ̀ rèé lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀kùn. Ó ti gbọ́. Ó yí padà, ó wọ balùwẹ̀ lọ, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà ṣọ̀ọ̀, kí a má baà gbọ́ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìbéèrè ọmọ yẹn, òun náà ti ń bi ara rẹ̀ látọjọ́ yìí. Ó dùn mí dé egungun.

Èmi tí ẹ ń wò yìí, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi. Bí mo bá bínú nílé búrẹ́dì, iná ìléru á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo la ẹnu pé kí n sọ fún ọmọ yìí pé bàbá rẹ̀ kú, pé kì í ṣe oorun. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi, ó há síbẹ̀. Ohun tí mo wá sọ ni pé, "Dádì wà lọ́dọ̀ Jésù."

Lọ́yà rò ó wò. Ó ní, "Ṣé ó ń sùn níbẹ̀ náà?"

Mo parí irun náà ní wàrà-wàrà, mo lọ wá Bàbá Títí-Láé.

Ó wà ní pálọ̀, ó ti wọ kóòtù funfun rẹ̀, ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ètè rẹ̀ ń mì. Àdúrà ló ń fi dánra wò. Mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò tiẹ̀ dìde mọ́, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Ẹ má sọ pé ó sùn lónìí. Tẹ́ ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ sọ pé ó kú."

Bàbá wò mí bí ẹni pé mo ní kí ó bọ́ sókòtò níwájú ìjọ. "Kí n sọ kí ni?"

Mo sọ gbogbo ohun tí Lọ́yà bi mí fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Àmọ́ kò gbà.

Ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí fún ọ. Àdúrà ìparí kì í ṣe fún òkú. Pásítọ̀ ti fi òkú lé Ọlọ́run lọ́wọ́ kí ó tó kàn mí, ó ti da erùpẹ̀ lé e, ó ti parí. Àwọn tó máa padà sílé lèmi ń gbàdúrà fún, opó àtàwọn ọmọ. Ohùn tèmi ni wọ́n máa gbọ́ gbẹ̀yìn létí ibojì, òun ni wọ́n máa gbé lọ sílé. Ṣé o wá fẹ́ kí n di 'kú' lé wọn lórí ni? Níwájú opó? Níwájú ọmọ wẹ́wẹ́?"

Mo ní, "Bàbá, ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn! Ṣé 'sùn' lẹ fẹ́ kó gbé lọ sílé?"

"Sùn, ọ̀rọ̀ Bíbélì ni."

"Ọmọ yẹn ò tíì ka Bíbélì dé ibẹ̀!"

Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń gbàdúrà létí ibojì, mi ò sọ ọ́ rí. Ẹnu mi ò ní gbà á. Jẹ́ ká máa lọ, ọkọ̀ ti dé."

Inú bí mi. Mo dìde, mo gbọn orúnkún mi. Mo ní, "Ó dáa, Bàbá. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ṣáà má jẹ́ kó gùn." Mi ò sọ ọ́ jẹ́jẹ́ o, mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá jẹ́ kí búrẹ́dì mi jóná.

Ìsìn ilé ìjọsìn ò pẹ́. A wọkọ̀, a dé itẹ́ òkú. Wọ́n gbé àga kan síwájú fún ìyàwó wa, torí a mọ̀ pé kò lè dúró pẹ́. Lọ́yà wà lórí itan rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dúró sẹ́yìn àga náà gan-an bí ọlọ́pàá, kò sunkún, kò wo ibì kankan. Ẹnì kan tó wá bá wọn kẹ́dùn ló sọ fún un pé kó ṣe ọkùnrin, pé òun ni bàbá ilé báyìí. Látọjọ́ náà ló ti ń kó kọ́kọ́rọ́ bàbá rẹ̀ sápò, òun ló ń ti ilẹ̀kùn, òun ló ń wo gáàsì bóyá wọ́n ti pa á. Kò bá ọmọ kankan ṣeré mọ́.

Àwọn tó gbé pósí fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn agbẹ́lẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi ṣọ́bìrì wọn sẹ́yìn, bó ṣe yẹ. Pásítọ̀ ka ọ̀rọ̀ ìfilélọ́wọ́, ó bu erùpẹ̀, ó dà á sílẹ̀, ó tún bù, ó tún dà. Mo ń wo Lọ́yà. Gbogbo ìgbà tí erùpẹ̀ bá kan pátákó, èjìká rẹ̀ á gbọ̀n. A ka àdúrà tí Olúwa kọ́ wa. A kọ ẹsẹ orin kan. Pásítọ̀ ní, "Bàbá wa yóò gba àdúrà ìparí, lẹ́yìn náà ni a ó ṣe oore-ọ̀fẹ́, a ó sì máa lọ sílé ní àlàáfíà."

Bàbá Títí-Láé ṣí fìlà rẹ̀. Ó kúrò láàárín wa, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibojì níbi tí opó àti àwọn ọmọ yóò ti máa wò ó lójú, kì í ṣe ibojì ló kọjú sí. Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ó gbọ́wọ́ kan sókè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká di ojú wa."

Gbogbo èèyàn dijú. Èmi ṣí ọ̀kan sílẹ̀. Lọ́yà ò dijú rárá, ó là á kalẹ̀ bọ̀ọ̀. Ta ni yóò ní kó dijú? Ó mọ ibi tí ìdijú máa ń gbé èèyàn lọ.

"Ọlọ́run Bàbá wa ọ̀run," ni Bàbá bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀ dáadáa, "a dúpẹ́ fún ayé tí ọmọ wa yìí gbé. A dúpẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀ tó ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. A dúpẹ́ fún aya tí o fún un, àti àwọn ọmọ. A dúpẹ́ pé ó mọ̀ ọ́, pé ó fi ọkàn tán ọ, àti pé ó ti sùn nínú..."

"Ẹ jí i o!"

Ohùn ọmọ yẹn gba gbogbo itẹ́ òkú kan.

"Ẹ jí i! Ẹ̀yin náà sọ pé ó ń sùn! Ẹ jí i kí wọ́n tó bò ó! Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n lọ jí i!" Ó ti ń já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kàn dì í mú pinpin.

Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní, "Ẹ gbé ọmọ yẹn kúrò níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sínú mọ́tò."

Mo ní, "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ̀ la jọ máa lọ!" Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, láàárín àdúrà.

Bàbá dákẹ́. Ẹ gbọ́, Bàbá Títí-Láé dákẹ́ nínú àdúrà! Kò sẹ́ni tó rí i rí. Kò ṣe àmín, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ká lajú ni àbí ká ṣì dijú. Àwọn kan là á, àwọn kan dì í, Pásítọ̀ la ọ̀kan bíi tèmi.

Bàbá wo Lọ́yà títí. Ó wò mí. Ó wá gbójú sókè, ó sì sọ bí ẹni tó ń bá ẹni tó wà nítòsí sọ̀rọ̀: "Olúwa, dákun, fún mi láyè díẹ̀. Mo ń bọ̀."

Ó rìn wá síwájú àga náà, ó di apá àga mú, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tòun ti kóòtù funfun nínú erùpẹ̀ pupa yẹn. Orúnkún rẹ̀ ró. Ojú rẹ̀ àti ojú ọmọ náà wá ṣe déédéé.

Ó ní, "Lọ́yà, ta ló máa ń jí ẹ láàárọ̀?"

Lọ́yà ń mí gulegule. "Mọ́mì."

"Tí wọ́n bá pè ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣé o máa ń jí?"

"Rárá."

"Tí wọ́n bá wá mì ẹ́ ńkọ́?"

"Mo máa jí. Mo máa bínú, àmọ́ mo máa jí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yára gbé e mì. Bàbá ní, "Oorun nìyẹn. Ẹni tó ń sùn ṣì ń mí. Gbé ọwọ́ rẹ lé àyà rẹ. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń lu kì, kì, kì? Tó o bá sùn, kò ní dúró. Yóò máa lù títí Mọ́mì yóò fi wá mì ẹ́. Bàbá rẹ..." Ó dúró. Mo rí ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe lọ sókè tó sì bọ̀ wálẹ̀. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà há sí, torí pé ó há sí tèmi náà láàárọ̀. "Bàbá rẹ kò sùn. Bàbá rẹ kú."

Mo gbọ́ bí gbogbo èrò ṣe fa èémí. Lọ́yà ò ké. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà láyà rẹ̀. Ó ní, "Àyà tiẹ̀ ò lù mọ́?"

"Kò lù mọ́. Ó dúró lọ́sàn-án yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀."

"Tí mo bá mì í ńkọ́?"

"Kò ní jí. Dókítà ò lè jí i. Èmi náà ò lè jí i."

Kò dìde. Ibi tó kúnlẹ̀ sí náà ló ti di ọwọ́ ọmọ yẹn mú, ó dijú, ó sì padà sínú àdúrà rẹ̀.

"Olúwa, mo padà dé. Mo ní ó sùn. Ìwọ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi, àmọ́ ọmọ rẹ yìí ò mọ̀ ọ́n. Olúwa, ó kú. Kì í ṣe oorun ló pa á. Ẹni tí kò jí i kọ́ ló pa á. Bí gbogbo àwa tó wà níbí bá jọ ké pè é, ìpè wa ò lè dé ibi tó wà. Ìpè tìrẹ nìkan ló lè dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tó o bá pè é, yóò dìde. A gbà á gbọ́, a sì ń retí rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe òní, Olúwa, ó sì ń dùn wá."

A ní, "Àmín," jẹ́jẹ́.

"Ìyá àwọn ọmọ rèé. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ òun sinmi. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Olúwa, ẹ̀bi tó gbé karí yìí kì í ṣe tirẹ̀, sọ ọ́ kalẹ̀ fún un. Tó bá fẹ́ sunkún, jẹ́ kó sun ún dáadáa, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe ní kó dákẹ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ rèé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé òun ni bàbá ilé. Olúwa, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni! Ìwọ ni kó o ṣe bàbá ilé yẹn. Tó o bá ń wá ẹni tó máa ti ilẹ̀kùn, àwa ẹbí rẹ̀ rèé, àgbàlagbà ni wá, rán wa. Jẹ́ kí ọmọ yìí lọ máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀."

Mo gbọ́ ṣinrinṣinrin. Ọmọ náà ti yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó nà án sí mi láìwò mí. Bí mo ṣe gbà á, ó gbé orí rẹ̀ lé èjìká ìyá rẹ̀ látẹ̀yìn, ẹkún tó ti ń kó jọ látọjọ́ yìí wá tú. Ìyá rẹ̀ náà sì bú sẹ́kún. Obìnrin kan fẹ́ máa sọ pé, "Ó tó, ó t..." ó rántí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"Èyí tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú yìí, Olúwa, ó ń bẹ̀rù oorun. Ìwọ lo dá oorun, ohun rere ni. Tó bá dijú lónìí, jẹ́ kó sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kí ìyá rẹ̀ pè é, kí ó mì í, kí ó sì jí. Nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín."

Gbogbo wa dijú, a ń retí "títí láé." A ń retí "a tún rántí." Kò sí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àwa náà dúró bí ère.

Ni Lọ́yà bá ní, òun nìkan, tòun ti ohùn rẹ̀ tó ti ha: "ÀMÍN."

Ìgbà yẹn ni gbogbo ìjọ tó dáhùn. Mi ò gbọ́ irú àmín bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Pásítọ̀ gbàgbé oore-ọ̀fẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló gún un nígbọ̀nwọ́. Ọkùnrin méjì ló fa Bàbá dìde, orúnkún kóòtù rẹ̀ ti pọ́n. Lọ́yà sọ̀kalẹ̀ lórí itan ìyá rẹ̀. Ó bu erùpẹ̀ díẹ̀, ó rìn lọ sí etí ibojì, èmi sì di aṣọ rẹ̀ mú látẹ̀yìn. Ó béèrè bóyá erùpẹ̀ máa dun Dádì. Mo ní rárá, kò sí ohun tó lè dùn ún mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́. Ó da erùpẹ̀ náà sílẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, Dádì."

Nínú mọ́tò, ó fẹ̀yìn ti àyà ìyá rẹ̀. Orí rẹ̀ ń gbọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Mọ́mì, ṣé ẹ máa jí mi?"

"Màá jí ẹ."

"Tí mi ò bá gbọ́ ńkọ́?"

"Màá mì ẹ́."

"Tí mo bá tún sùn padà?"

"Màá bu omi tútù sí ẹ lójú." Ìyàwó wa rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

A délé. Pálọ̀ kún, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀, abọ́ ń dún ní kíṣíìnì. Ìyàwó wa gbé ọmọ wọ yàrá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́.

Ó ní, "Ó sùn."

Mo rí bí ara gbogbo wọn ṣe gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń fẹnu wa yí kiri látọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ nínú ilé yẹn. Bàbá Títí-Láé ti dìde lórí àga.

"Ó ṣe kí ni?"

"Ó sùn, Bàbá. Oorun ni. Ó ń hanrun bíi ti bàbá rẹ̀."

Ẹ̀rín tó bú jáde, mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rín in. Àfi bí gbogbo wa ṣe ń fi aṣọ di ara wa lẹ́nu, tí a ń ti ara wa, tí omi ń jáde lójú wa, nítorí pé kò gbọdọ̀ sí ariwo. Bàbá ní ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Gbogbo wa ní, "Bàbá, ẹ rọra!" Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó jókòó padà, ó dúpẹ́ sínú.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ bá wọn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo ṣílẹ̀kùn fúnra mi. Ìyàwó wa ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, ìlà ìrọ̀rí wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fọ́nrán-fọ́nrán, ojú rẹ̀ ti padà sí bó ṣe yẹ kí ojú rí. Òun náà ti sùn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti jáde, mo gbọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ lára ògiri. Lọ́yà nìkan ló ṣì wà lórí ibùsùn, ó na gbogbo ara tán, kò mira.

Ìyá rẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fẹ́ lọ síwájú. Ibùsùn kan náà ni, ilẹ̀kùn kan náà ni. Mo dúró tì í, mo sì di apá rẹ̀ mú.

Ó pè é. "Lọ́yà."

Kò dáhùn.

"Lọ́yà, ilẹ̀ ti mọ́."

Ojú ọmọ náà ò là. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe rọra rìn lábẹ́ aṣọ ìbora, ó dé àyà rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí yọ létè rẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, mi ò tíì jí. Ẹ mì mí ná."

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ ti ibùsùn, ó sì mì í.